Kí Ẹ̀rọ Tó Wọ Kíláàsì: Ohun Tó Yẹ Kí Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Sọ

Ìwé ìkéde kan á kọ́kọ́ ti ọ́fíìsì ìjọba wá: láti táàmù tó ń bọ̀, àwọn olùkọ́ yóò máa fi ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ lẹ́sìn nóòtù, wọn yóò máa fi ṣètò ìbéèrè ìdánwò, wọn yóò sì máa fi máàkì iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á kà á sétí àwọn tíṣà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ olùkọ́ á jókòó, wọ́n á kọ ìwé sí ìjọba pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa ná kí ẹ̀rọ yìí tó dé. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti dé etí aráàlú, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé àwọn tíṣà tún ti dé, wọn ò fẹ́ nǹkan tuntun, owó ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe, tó sì mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti kánjú gbé e wọlé, á mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni àwọn olùkọ́ ń béèrè. Ibi tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ jà ni bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ pé "ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó péye", wọ́n á fi òǹtẹ̀ lù ú, ó parí. Ìjọba á dáhùn pé ó dáa, wọ́n á kó irínwó olùkọ́ jọ sí gbọ̀ngàn kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹnì kan á dúró síwájú pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, wọ́n á pín ìwé ẹ̀rí, oníkálùkù á sì padà sílé. Tí ẹgbẹ́ bá tún pariwo lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba á ní ṣebí a ti kọ́ yín. Ìwé tí kò bá sọ irú ẹ̀kọ́ tó ń béèrè, ọjọ́ mélòó, lórí ẹ̀rọ wo àti ní àkókò wo, ó ti bá ìjọba pèsè àwáwí sílẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá wà nínú ẹ̀rọ náà tí olùkọ́ tó ti ń kọ́ ọmọ láti ogún ọdún fi nílò kí wọ́n kọ́ òun? Ẹ̀rọ yìí kì í lọ ṣí ìwé kan kó ka ìdáhùn jáde. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ tí ọmọ èèyàn ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọ, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń fojú díwọ̀n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú. Ìdí nìyí tí ohun tó bá kọ fi máa ń dán, yálà ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Níbi tí ohun tí èèyàn ti kọ bá pọ̀, bíi gírámà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò èlé orí owó, ó sábà máa ń gbà á. Níbi tí àkọsílẹ̀ ò bá pọ̀, àbá ló ń dá, kì í sì í yí ohùn padà nígbà tó bá ń dá àbá náà.

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì Yorùbá ti JSS 2. Olùkọ́ ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ àyọkà kúkúrú lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, kó sì fi ìbéèrè márùn-ún sí i. Kò tó ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ ti dé. Nínú ìpínrọ̀ kìíní, Bàbá Àlàó jí ní kùtùkùtù, "ó gbé ọkọ̀ kọ́ èjìká", ó forí lé oko. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni ẹ̀rọ fẹ́ kọ, àmì ohùn ló gbé gba ibòmíì, ó wá di pé àgbẹ̀ gbé mọ́tò kọ́ èjìká. Olùkọ́ tó ti rẹ̀, tó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú, tó sì gbà pé ẹ̀rọ tí ìjọba fún òun kò lè ṣì í kọ, á dà á kọ sójú pátákó bẹ́ẹ̀. Ọgọ́ta ọmọ á dà á kọ sínú ìwé wọn. Bí ìbéèrè kẹta bá wá jẹ́ pé kí wọ́n yan ìtumọ̀ tó tọ́ fún ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rọ kan náà tó kọ àṣìṣe ló máa máàkì ìdáhùn, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ lédè dáadáa nílé ló sì máa gba òdo.

Olùkọ́ tí wọ́n bá ti kọ́ á mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èdè tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ yìí ti máa ń ṣìnà jù. Á ka àyọkà náà sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó tó gbé e dé kíláàsì. Á fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ síléébọ́ọ̀sì ìjọba láti wò ó bóyá àkòrí ti táàmù yẹn ni. Á dáhùn ìbéèrè máràrùn-ún fúnra rẹ̀ kó tó wo ìdáhùn tí ẹ̀rọ kọ sísàlẹ̀. Nígbà mìíràn á béèrè ohun kan náà lọ́nà méjì láti mọ̀ bóyá ìdáhùn yóò yàtọ̀. Ìwà ni gbogbo èyí, wọn kì í sì í fi àsọyé ọjọ́ kan kọ́ èèyàn níwà. Èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe é, kó ṣì í ṣe, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nítòsí tí yóò fi ibi tó ti ṣì í hàn án.

Ìbòmíràn wà tó le ju ìyẹn lọ, mo sì rò pé ó yẹ kó ní ìpínrọ̀ tirẹ̀ nínú ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n máa ń ta ẹ̀rọ fún ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní ó lè mọ̀ bóyá ọmọ ló kọ àròkọ fúnra rẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ló bá a kọ ọ́. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford dán méje nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n fún wọn ní àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL. Èèyàn ló kọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀, tí a bá pín in dọ́gba láàárín méjèèje, ó lé ní ìdajì àwọn àròkọ náà tí wọ́n ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í rárá lórí àròkọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà. Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Àwọn ẹ̀rọ yìí ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn tó láti fojú díwọ̀n. Ẹni tó ń fi èdè tó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀wé kì í sábà fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ọ̀rọ̀ tó dá a lójú ló ń lò, gbólóhùn rẹ̀ sì máa ń ṣe tààrà. Ohun tí ẹ̀rọ ń pè ní ẹ̀rí ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Ẹ fojú inú wò ó ní ilé ẹ̀kọ́ wa, níbi tó jẹ́ pé èdè kejì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọmọ. Ọmọ SS 2 kan kọ àròkọ tó mọ́ gaara, tíṣà fi sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní ìdá 90 nínú 100 ni òun fi dá òun lójú pé ọmọ yìí kò kọ ọ́. Tíṣà tí wọn ò kọ́ á pe òbí. Ẹni tí wọ́n kọ́ á pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kó ṣàlàyé ohun tó kọ ní ìpínrọ̀ kejì, á sì ní kó kọ ìpínrọ̀ mìíràn níwájú òun. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti mọ òtítọ́.

Orílẹ̀-èdè tó tí ì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Gúúsù Kòríà. Níbẹ̀ iná kì í lọ, íńtánẹ́ẹ̀tì yá, tábúlẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ní 2023 ni ìjọba wọn kéde pé ìwé ẹ̀kọ́ tuntun tó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú máa wọ ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹta 2025, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ìjọba kò ná owó lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Wọ́n ná an, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì jókòó nínú rẹ̀. Àmọ́ ìparí oṣù kọkànlá 2024 ni wọ́n tó kéde àwọn ìwé tó yege, 76 ni gbogbo wọn. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn tíṣà ṣáájú ìgbà náà kì í ṣe ohun gan-an tí wọ́n máa lò. Láti ìgbà tí ojúlówó jáde títí di ìgbà tí kíláàsì wọlé, oṣù mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ìsinmi sì wà nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ náà fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí olùkọ́ 2,626. Ìdá 98.5 nínú 100 wọn ló dáhùn pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn gbà kò tó. Àwọn òbí náà ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tiwọn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 2024, ó sì lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta èèyàn tó fọwọ́ sí i. Ìjọba rọ ọwọ́, wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ tó bá wù lò ó. Ilé ẹ̀kọ́ tó mú un lọ́dún yẹn tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ní oṣù kẹjọ 2025, ilé aṣòfin dìbò pé kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́ mọ́, ó di àfikún lásán. Àìtó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ló bà á jẹ́, nítorí òṣèlú wà níbẹ̀, àṣìṣe inú àwọn ìwé náà sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí mú níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ni pé kò tó kí èèyàn béèrè kí wọ́n kọ́ òun ṣáájú. Orí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe parí, tó jẹ́ òun gan-an ni wọ́n máa lò, ni kí wọ́n ti kọ́ ọ.

A ò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa. Ní oṣù kẹfà sí oṣù keje 2024, ìpínlẹ̀ Ẹdó àti Báńkì Àgbáyé fi ẹ̀rọ Copilot ti Maikirosọ́ọ̀fùtù kọ́ àwọn ọmọ SS 1 ní Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìlú Benin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tó kópa ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kópa lọ nígbà tí wọ́n dán wọn wò, èyí tó sì ń wá déédéé jèrè jù. Àwọn oníròyìn gbé èsì náà kiri bí ẹni pé ẹ̀rọ ló dá ṣe é. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ná. Wọ́n ti kọ́ àwọn olùkọ́ ṣáájú. Olùkọ́ ló ń ṣí iṣẹ́ ọjọ́ náà, òun ló ń fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, òun ló ń rìn káàkiri láàárín wọn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n rò ó wò níparí. Ìlànà iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan tí wọ́n dá jù sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí ìjọba gbọ́ tòun, iṣẹ́ Ẹdó yìí ni kó fi ṣe ẹ̀rí, nítorí ìjọba kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn ìkùnà, wọ́n fẹ́ gbọ́ ti ibi tó ti yọrí sí rere.

Ká wá ní ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà kan ní ìpínlẹ̀ wa fẹ́ kọ ìwé yìí lónìí. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹgbẹ́ yìí máa kọ̀wé síjọba. Láti 1931 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, tí Ẹni-ọ̀wọ̀ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ti ń jà kí wọ́n tó gbé nǹkan wọ kíláàsì lórí wọn. Ìmọ̀ràn àgbáyé kan tún wà lẹ́yìn wọn. Ní 1966, UNESCO àti àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fẹnu kò pé kí olùkọ́ àti ẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀kọ́ tuntun, ìwé ẹ̀kọ́ àti ohun èlò ìkọ́ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo lórí èyí ti tó nínú ìwé náà. Kò yẹ kí wọ́n lo ojú ìwé méjì lórí ẹ̀tọ́ nígbà tí ohun tí wọ́n fẹ́ gbà kò tíì jáde lẹ́nu wọn.

Ìpínrọ̀ kìíní yẹ kó dárúkọ ìwé ìkéde ìjọba pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọjọ́ rẹ̀, kó sì sọ gbangba pé ẹgbẹ́ kò kọ ẹ̀rọ náà. Bí wọn ò bá kọ ìyẹn sílẹ̀, òun ni àwọn tó bá gba ìwé yóò kọ́kọ́ fi kan wọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n kó òótọ́ ilẹ̀ jáde, aṣojú ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń rí èyí kà: ilé ẹ̀kọ́ mélòó ló ní iná lọ́sàn-án, olùkọ́ mélòó ló ní fóònù tó lè gbé iṣẹ́ náà, ibo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé rárá. Ọ̀sẹ̀ kan tó láti kó o jọ. Kọmíṣánnà lè ṣe àríyànjiyàn pẹ̀lú èrò, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti bá iye ilé ẹ̀kọ́ tí kò níná ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ jà.

Àárín ìwé ni ibi tó ṣe kókó, tèmi nìyí. Kí wọ́n béèrè fún ọjọ́ méjì ṣáájú kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, kí èèyàn má ju ọgbọ̀n lọ nínú yàrá kan, kí ẹ̀rọ tí wọ́n máa lò gan-an sì wà níwájú olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iṣẹ́ kíláàsì tirẹ̀: ẹni tó ń kọ́ Bàọ́lọ́jì kó mú Bàọ́lọ́jì wá, tíṣà Yorùbá kó mú Yorùbá wá. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi ṣètò iṣẹ́ tiwọn, láìtíì fi ẹ̀rọ máàkì ọmọ kankan. Kí wọ́n tún padà jókòó fún ọjọ́ kan, kí oníkálùkù mú àṣìṣe tó rí wá. Ọjọ́ yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi, nítorí àṣìṣe tí tíṣà ilé ẹ̀kọ́ kan rí lónìí ni tẹlòmíràn máa bá pàdé lọ́la. UNESCO ṣe ìwé ìlànà kan jáde ní 2024 tó to ohun 15 tó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí, láti orí ohun tó rọrùn dé èyí tó jinlẹ̀. Ẹgbẹ́ lè so ó mọ́ ìwé wọn, kí wọ́n sì ní ìpele kìíní nìkan ni àwọn ń béèrè fún ọdún yìí.

Kí wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kedere pé àwọn kò gba ètò kí wọ́n mú olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ kan, kí wọ́n kọ́ ọ, kó wá lọ kọ́ àwọn tó kù. Ó dínwó, ìjọba sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n rán lọ sábà máa ń jẹ́ igbákejì ọ̀gá tí kì í wọ kíláàsì mọ́. Bó bá padà dé, ìdajì wákàtí ni wọ́n máa fún un nínú ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ, ohun tó sì rántí ni yóò sọ. Ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ tíṣà tó wà ní kíláàsì kẹ́yìn kò ní ju bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ náà lọ.

Ohun ìdáàbòbò náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ọmọ, máàkì rẹ̀, àìsàn rẹ̀ àti ìṣòro ilé rẹ̀ kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ orí fóònù ara rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ lórí ìsọfúnni ọmọdé, olùkọ́ tí kò gbọ́ nípa òfin náà rí lè rú u láàárọ̀ kan ṣoṣo, nígbà tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun kọ ìròyìn ìparí táàmù. Kí wọ́n béèrè pé kí ìjọba san owó dátà, àti pé fún ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní kúẹ́rì tàbí dí ìgbéga rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí pé kò lo ẹ̀rọ tàbí nítorí pé ó lò ó díẹ̀. Bí ìbẹ̀rù kúẹ́rì bá wà, olùkọ́ á máa lò ó kí wọ́n lè rí i pé ó lò ó, kò sì ní jẹ́ sọ àṣìṣe tó rí nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá ń fi ìwé ránṣẹ́, kí wọ́n ránti pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kò sí lábẹ́ ọ́fíìsì kan náà. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lọ́dọ̀ SUBEB, àwọn olùkọ́ girama sì wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́ ní ìpínlẹ̀. Ìwé tó bá lọ sọ́dọ̀ kọmíṣánnà nìkan lè wà lórí tábìlì rẹ̀ títí táàmù yóò fi parí. Kí ẹ̀dà dé ọ́fíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n ń retí ìpàdé, bíi ọjọ́ mọ́kànlélógún sí ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé náà.

Ìdáhùn tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbà ni pé kò sówó. Kí ìwé náà ti dáhùn èyí sílẹ̀: kí ìjọba mú ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá, tó dàpọ̀ mọ́ ti ìgboro àti ti ìgbèríko, kí wọ́n kọ́ olùkọ́ ibẹ̀ bó ṣe yẹ, kí wọ́n lò ó fún táàmù kan, kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní aṣojú méjì nínú àwọn tí yóò wo èsì rẹ̀, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù sì dúró ná di ìgbà tí èsì náà bá jáde. Owó ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá kò tó owó tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa rà fún ẹgbẹ̀rún ilé ẹ̀kọ́, tí yóò sì wà nínú páálí ní ọ́fíìsì ọ̀gá.